Ṣé Kí N Lọ Ni, Àbí Kí N Jókòó?

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ìjọba ni mí n'Ìbàdàn. Láti 2023 ni yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí fún másítà ọlọ́dún kan, àmọ́ ńṣe ni mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú. Bí mo bá ní kí n lọ, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin kò jẹ́. Bí mo bá ní kí n jókòó, ara mi ò balẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti bi tẹbí tọ̀rẹ́. Yunifásítì náà ní ti ọ̀tẹ̀ yìí ni ìkẹyìn. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, ohun tó dùn mí ni pé fònídónìí-fọ̀ladọ́la yìí ti ń bá ọ yan nǹkan láìsọ fún ọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú másítà yẹn ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 lè mú ọmọ dání. Láti Oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìjọba wọn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ másítà kó ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, àfi ẹni tó bá ń ṣe ti ìwádìí tàbí tí ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mi ò fi bá ọ wí o. Mo fẹ́ kí o rí i pé ìdúró náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èwo ló ṣeé tún ṣe? Iṣẹ́ ṣeé padà sí, bí o bá gba ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó oṣù nínú, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọdún kan nínú èwe ọmọ ni kò ṣeé rà padà, ibẹ̀ sì ni kí o ti wádìí.

Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? O ò dárúkọ bàbá rẹ̀ rárá nínú lẹ́tà. Òun ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni yóò wà, mú un lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ọlidé, kí ìwọ sì padà sílé. Má bi ọmọ bóyá ibẹ̀ dùn. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sùn mọ́jú, bóyá ó tún ti ń tọ̀ sórí ibùsùn. Wo orúnkún màmá náà pẹ̀lú: ṣé ó lè sáré tẹ̀lé ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin lówùúrọ̀ ilé ìwé?

Kí o tó mú un lọ, kọ ọ́ sínú ìwé: bí àṣẹ ìsinmi bá jáde, tí ọmọ jẹun tó sì sùn, mo lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, mo jókòó, mo sì ní kí wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Fi ọjọ́ sí i. Owó gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí o tó tọrọ físà, nítorí náà kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ tí o fẹ́ tọrọ físà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí o bá pinnu, ẹ̀rù yóò ṣì bà ọ́, ìbáà ṣe lílọ ìbáà ṣe jíjókòó. Má tìtorí ẹ̀rù tú u ká. Àfi bí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀, bí àìsàn ìyá rẹ.

Lẹ́tà ìsinmi ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé yín lọ́sẹ̀ yìí, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lórí tábìlì.