Báńkì, kọpuréétífù àbí àwìn: ohun tójú mi rí

«Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin onírun, mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi mọ́ tèmi. Ṣé kí n yáwó báńkì ni, àbí kọpuréétífù, àbí kí n máa gba ọjà láwìn?»

Àbúrò, mo ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, n'Íbàdàn níbí. Báńkì kékeré ni mo kọ́kọ́ sá lọ, ní oṣù kọkànlá. Wọ́n ní 500,000 fún oṣù 6, èlé náírà 4 lórí 100 lóṣooṣù. Kówó ó tó dọ́wọ́ mi wọ́n ti yọ 50,000 pé owó ìpamọ́ mi nìyẹn, wọ́n tún yọ 10,000 owó fọ́ọ̀mù, 440,000 ni mo rí mú lọ sílé o, ṣùgbọ́n orí 500,000 ni wọ́n ń ka èlé sí títí dé oṣù tó kẹ́yìn, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ti kéré nígbà yẹn. 620,000 ni gbogbo ẹ̀ tí mo san, nǹkan bí 25,800 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ọdún Kérésì dùn. Nígbà tó di January, ta ló ń ṣerun? Káfíńtà ò tíì parí iṣẹ́, dráyà ṣì wà nínú páálí, ọmọ báńkì sì ti jókòó dè mí láàárọ̀ Monday.

Kọpuréétífù ló tún ayé mi ṣe. Mò ń dá 20,000 lóṣù, ọdún kan jẹ́ 240,000, wọ́n sì ń yáni ní ìlọ́po méjì, ìyẹn 480,000. Èlé ọdún kan 48,000, mò ń san 44,000 lóṣù. Àmọ́ títò ni wọ́n ń tò ó, oṣù 2 ni mo fi dúró, díẹ̀ ló kù kí lánlọ́ọ̀dù gbé ṣọ́ọ̀bù fẹ́lòmíì. Onídùúró 2 ni wọ́n sì ń bèèrè, ìwọ náà á ṣe fún wọn. Ẹni tí mo dúró fún sá, wọ́n sì yọ gbèsè ẹ̀ nínú owó mi.

Àwìn ló ń tan èèyàn jù, torí kò sẹ́ni tó ń pè é ní èlé. Atáṣímẹ́ǹtì tó jẹ́ 3,000 lówó ọwọ́, 3,300 ni ìyá tó ń ta irun kọ fún mi láwìn ọ̀sẹ̀ 2. 300 lórí 3,000 láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ó ju ti báńkì lọ fíìfíì! Àṣìṣe tèmi tún ni pé mo ta irun yẹn tán, mo kó owó ẹ̀ fún káfíńtà, nígbà tọ́jọ́ pé mi ò rí nǹkan kan fún ìyá.

Tó bá jẹ́ èmi ni, rẹ́ǹtì àti dráyà, owó kọpuréétífù ni mo máa fi ṣe é, torí nǹkan méjèèjì yẹn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pa owó wọlé. Báńkì, àfi tí wọ́n bá gbà láti dín èlé kù fún ẹ tó o bá tètè san tán, bi wọ́n kó o tó fọwọ́ síwèé. Àwìn, irun tí kọ́sítọ́mà ti sanwó sílẹ̀ fún nìkan, àwọ̀ nọ́ńbà 1 àti 1B. Tí wọ́n bá fẹ́ di 613 mọ́ ọn fún ẹ, kọ̀ ọ́, tèmi ṣì wà lókè àjà.