Bí mo ṣe lè pín ìbéèrè ìdánwò ẹ̀kọ́ Bíbélì

Ìbéèrè: Akúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Báwo ni mo ṣe lè fi sílábọ́ọ̀sì pín ìbéèrè 40, kó má jẹ́ àkọ́sórí nìkan?

Ìdáhùn: Ọ̀sẹ̀ tí o fi kọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni kí o fi pín in. Ká ní o fi ọ̀sẹ̀ 4 kọ́ Sólómọ́nì, 3 kọ́ Áhábù àti Èlíjà, 3 kọ́ Jòsáyà: ìbéèrè 16, 12 àti 12 nìyẹn. Èmi máa ń fi ìdajì sí ìrántí, 12 sí òye, 8 sí ìlò. Níbi tí ìṣirò kò bá ti já sí odidi nọ́ńbà, fi ojú inú tún un ṣe. Ti Áhábù lè jẹ́ 6, 4, 2.

Ibi tó ń dojú rú ni ìlò. Wo ọgbà àjàrà Nábótì. “Ta ló ni ọgbà náà?” ìrántí ni. “Kí ló dé tí kò fi tà á?” òye ni, torí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ogún baba túmọ̀ sí. Fún ìlò, sọ pé olówó kan ní Ọ̀bá-Ilé fẹ́ fi ẹlẹ́rìí èké gba ilẹ̀ opó. Ìwà ta ló jọ nínú ìtàn náà, kí sì nìdí? Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì, ó ti di ìrántí nìyẹn. Má sì béèrè ohun tí ọmọ gbà gbọ́; kò sí máàkì fún ìyẹn.