Òwú àti Wáyà Bàbà Nínú Ojú

Ìbéèrè: Dókítà, awò ìwé kíkà ni mo wá gbà. Dókítà ojú yẹ̀ mí wò tán, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò tíì gbọ́ oògùn. 134/82 sì ni wọ́n wọ̀n fún mi ní kíníìkì lọ́sẹ̀ tó kọjá! Kí ló rí?

Ìdáhùn: Oògùn tí wọ́n kán sí yín lójú ló la ọmọlójú yín, kí dókítà lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn: ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn, èkejì ń dá a padà.

Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ a fún, ògiri rẹ̀ a nípọn, a sì máa dán bíi wáyà bàbà. Níbi tó bá ti gba orí èkejì rẹ̀ kọjá, á tẹ̀ ẹ́ pa, bí ìgbà tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi. Àpá ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kì í sábà lọ, kódà bí oògùn bá ti kápá àìsàn náà, nítorí náà n kò lè tìtorí rẹ̀ nìkan sọ pé oògùn yín kò ṣiṣẹ́.

Àmì tuntun ló ń sọ ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ bí ahọ́n iná wà níbẹ̀, àti àbàwọ́n funfun bí òwú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa mọ́. Òwú yìí sábà máa ń pòórá láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣì ní i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Mo rí irú rẹ̀ lójú bàbá ẹni ọdún 52 kan: òwú méjì lójú ọ̀tún, ahọ́n iná mẹ́ta lójú òsì. Wọ́n ríran kedere, kò sí ibi tó ń dùn wọ́n. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, torí àtọ̀gbẹ náà ń fa irú àmì wọ̀nyí. Kò sí ṣúgà. Mo wá ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lé ní 170. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́: bí ọjọ́ kíníìkì bá ku ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́ báyìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òwú ti lọ. Wáyà bàbà ṣì wà níbẹ̀.

Ojú kì í sọ iye tí ìfúnpá jẹ́ o. Ojú elòmíì mọ́ tónítóní, 160 sì ni tirẹ̀. Ẹ wọn tiyín nílé fún ọjọ́ méje bẹ́ẹ̀, kí ẹ kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ fún dókítà tó ń kọ oògùn fún yín. Bí ó bá lé ní 180/120, tí orí ń fọ́ yín gan-an tàbí tí ojú ń ṣú yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.