Iyọ̀ kọ́ ni màlúù tó ń jẹ egungun ń wá

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Màlúù mẹ́jọ ni mo ń sìn nínú ọgbà tí mo mọ odi yí ká ní Ìjú. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé ni wọ́n ti ń jẹ egungun àti nálọ́nù. Mo ra òkúta iyọ̀ pupa fún wọn, wọ́n lá a tán, síbẹ̀ wọn ò jáwọ́. Ẹni tó ń tà á ní kí n fi kánún kún un, pé màlúù fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ṣé kánún yóò tó?"

Ìdáhùn: Kánún kò ní í ṣe nǹkan kan fún yín. Sódíọ́ọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà ló sì pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ti lá tán. Ẹran tí àìní iyọ̀ ń jẹ níyà máa ń lá ògiri, ó máa ń lá òógùn ara ẹran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ lè máa lá ìtọ̀. Tí ẹ bá fún un níyọ̀, kò ní í pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ń fi eyín rún egungun ni a máa ń fura sí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló wọ́n lára rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń bá kálísíọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ láti mú egungun le.

Ọ̀rọ̀ pé "màlúù mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́" yìí ló ń bí mi nínú jù, torí òun ni àwọn ọlọ́jà fi ń ta òkúta iyọ̀ bí ẹni pé gbogbo àìsàn ló ń wò. Nínú gbogbo èròjà tí ẹran nílò, iyọ̀ nìkan ni màlúù máa ń wá kiri tí yóò sì dá mọ̀ níbi tó bá wà. Òótọ́ ni pé àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń mú un jẹ egungun, ṣùgbọ́n ẹ bu lẹ́bú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì síwájú ẹran kan náà, ó lè gbóòórùn rẹ̀ kó sì kọjá lọ. Kì í dùn lẹ́nu. Bí ẹran bá ń lá òkúta pupa, adùn iyọ̀ ló ń lá. Àwọ̀ pupa yẹn, irin ló sábà máa ń fà á, irin kì í sì í wọ́n fún ẹran tó ń jẹko lórí ilẹ̀ pupa wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Màlúù tó wọn 300 kílò máa ń jẹ nǹkan bíi kílò méje koríko lójúmọ́, tí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Ó nílò nǹkan bíi gíráàmù 14 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lójúmọ́. Koríko tó ti gbó tó sì ti gbẹ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ lè máà ní ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, ìyẹn gíráàmù méje péré nínú kílò méje. Ó ku gíráàmù méje. Ẹran kan kì í lá òkúta iyọ̀ ju bíi gíráàmù 30 sí 50 lọ lójúmọ́. Ká tilẹ̀ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní rárá, kò ní í rí ju gíráàmù kan lọ. Bó bá fi ọdún kan lá a, egungun ni yóò ṣì máa wá.

Ohun tí ẹ máa rà ni dikálísíọ́ọ̀mù fọ́sífétì, tí wọ́n ń pè ní dí-sí-pí ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ da kílò márùn-ún rẹ̀ pọ̀ mọ́ kílò márùn-ún iyọ̀ ìsebẹ̀ tó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ rò ó títí tí ẹ ò fi ní í dá ọ̀kan mọ̀ lára èkejì mọ́. Iyọ̀ yìí ní iṣẹ́ méjì: òun ló ń fa ẹran wá sídìí rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kó jẹ ẹ́ lájẹjù. Bí ẹran kan bá jẹ gíráàmù 75 àdàlù yìí lójúmọ́, yóò rí bíi gíráàmù méje tó ń wá. Ẹran mẹ́jọ yóò jẹ bíi kílò mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Ẹ máa wọn èyí tó bá kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n. Tó bá ń yá tán jù, ẹ fi iyọ̀ kún un. Tí wọn ò bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ bu èérí àlìkámà díẹ̀ sí i.

Inú ọpọ́n tó ní òrùlé nítòsí omi ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí bí òjò bá pa á, yóò dì gbagidi. Omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, torí iyọ̀ láìsí omi lè pa ẹran. Ẹ má tún ra òkúta pupa yẹn fún wọn. Bí wọ́n bá ti rí iyọ̀ lá níbẹ̀, wọn ò ní í wá sídìí àdàlù. Irú ìṣòro yìí náà ló máa ń bá àwọn tó ń sin ẹran lápá Etí-Ọ̀sà níbi tí omi kànga ti níyọ̀: ẹran wọn kì í wo ọpọ́n rárá. Inú èérí ni kí wọ́n máa po dí-sí-pí mọ́.

Èérí àlìkámà fúnra rẹ̀ dáa. Ìdajì kílò rẹ̀ lè fún ẹran ní bíi gíráàmù márùn-ún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pẹ̀lú agbára àti èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹran tiyín pàápàá nílò rẹ̀, torí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ebi ló kọ́kọ́ máa ń mú ẹran rù. Ẹran tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ kò ní í sanra torí pé ẹ fún un ní dí-sí-pí nìkan. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ajílẹ̀ oní-fọ́sífétì rọ́pò rẹ̀ torí pé kò wọ́n. Fúlúórínì tó wà nínú rẹ̀ máa ń ba eyín àti egungun jẹ́. Ẹ má sì lọ kó egungun láti ibi ìpẹran l'Óko-Ọba kẹ́ ẹ wá gún un fún wọn.

Egungun tí wọ́n ń jẹ yẹn gan-an ló léwu jù. Egungun òkú ẹran tó ti jẹrà lè ní májèlé bọ́túlísímù. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ni àwọn dókítà ẹran ní Gúúsù Áfíríkà ti rí i pé egungun tí ẹran ń jẹ torí àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń kó o wọ̀ wọ́n lára. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò kọ́kọ́ rọ, ahọ́n yóò jáde, ẹran náà ò ní í lè gbé nǹkan mì, kò sì wọ́pọ̀ kó yè é. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pe dókítà kíá, ẹ má pa á jẹ. Torí náà, ẹ ṣa gbogbo egungun àti nálọ́nù inú ọgbà lónìí, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rírún egungun. Nálọ́nù tó ti wà nínú ikùn kò ní í yọ́. Èyí tí ikùn òsì rẹ̀ bá wú tó sì le, tó ń rù, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà.

Láti ibi tí mo wà, mi ò lè fojú rí àwọn ẹran yín. Kòkòrò inú náà máa ń mú ẹran rù, nítorí náà kí dókítà tó wà nítòsí yín gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wọn fún àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó ra àpò rẹpẹtẹ. Bí ó bá ní kẹ́ ẹ fi àdàlù tó ní bàbà nínú kún un, tí ẹ sì ń sin àgùntàn nínú ọgbà kan náà, ẹ gbé ọpọ́n náà ga kọjá ibi tí ẹnu àgùntàn lè dé. Ìwọ̀n bàbà tó bá màlúù mu lè pa àgùntàn.