Ṣé àìdárúkọ onílé tó ààbò fún ayálégbé tó fẹ́ sọ òótọ́ nípa ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ń kó kúrò nílé tí mo ti gbé fún ọdún mẹ́ta ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù yìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ síta kí ẹlòmíì má baà kó sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní tí n kò bá ti dárúkọ bàbá náà, mo lè kọ ohunkóhun tó bá wù mí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ràn yín o, àmọ́ ọ̀nà ilé ẹjọ́ ló júwe fún yín. Ẹni mẹ́ta tó gba ìmọ̀ràn “má dárúkọ” yìí gbọ́ ni mo ti bá jókòó ní ọ́fíìsì mi, tí lẹ́tà lọ́yà onílé sì wà lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń dùn mí, torí pé púpọ̀ nínú wọn ní ẹ̀dùn tó jẹ́ òótọ́, wọn kò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ni.

Nínú ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́, òfin kì í wo bóyá ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Ohun tó ń wò ni pé bí ẹni tó mọ bàbá yìí bá ka ohun tí ẹ kọ, ṣé yóò mọ̀ pé òun ni ẹ ń bá wí? Ẹ wá wò ó. “Ilé aláwọ̀ ìyeyè ní Mólípá, tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, bàbá tó ni ín ń gbé Èkó, ìgbà Iléyá àti Ojúde Ọba nìkan ló ń wálé.” Ta ló kù ní àdúgbò náà tí kò tíì mọ ẹni tí ẹ ń sọ? Orúkọ nìkan ni ẹ fi pa mọ́, ẹ ti fi ọwọ́ júwe olórúkọ.

Ẹ tún rò ó síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹlòmíì má kó sí ilé náà. Báwo ló ṣe máa mọ ilé tí kò ní kó sí, bí kò bá yé e pé ilé báyìí ni? Bí ẹ bá fi ilé náà pa mọ́ débi tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ yín kò wúlò fún ẹni tó ń wá ilé. Bí ẹ bá sì júwe rẹ̀ tó wúlò, ààbò àìdárúkọ ti lọ. Nítorí náà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ. Ohun tó lè dáàbò bò yín ni òótọ́ tí ẹ lè fi ẹ̀rí gbè. Mo sì sọ “ẹ̀rí” o, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹ̀yin tí ẹ sọ pé òótọ́ ni yóò fi òótọ́ náà hàn. Onílé kò ní jókòó máa fi hàn pé irọ́ ni.

Ìdí nìyí tí “olè ni” fi burú láti kọ, tí “mo san owó kọ́ṣọ̀n ₦50,000 nígbà tí mo wọlé, risíìtì rẹ̀ nìyí, mo ti kó jáde láti oṣù mẹ́ta, wọn kò tíì dá a padà” fi dára. Ẹni tó bá kọ “olè” ti gbé ẹrù fífi olè jíjà hàn rù. Ẹnìkejì kò gbé ẹrù kankan ju risíìtì àti ọjọ́ tó kó jáde lọ, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni “wọ́n ní”. Bí ayálégbé ìsàlẹ̀ bá sọ fún yín pé onílé lé ẹnì kan jáde lóru, tí ẹ̀yin náà wá kọ ọ́ pé “wọ́n ní”, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lójú òfin. Ohun tí ojú yín kò bá rí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ oníbàárà mi kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ ni, ó ń gbé yàrá méjì àti pálọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ kò ju ìlà méjì lọ: “Òǹrorò ni bàbá yìí. Kò tún ilé ṣe rí, odindi ọdún la fi ń gbé abẹ́ òjò.” Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, a jọ wá gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025 ló kọ́kọ́ pe alámòójútó ilé pé òrùlé pálọ̀ ń jò. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ló fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù: báàfù kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, àmì omi aláwọ̀ búráùn lára àjà. Alámòójútó dáhùn pé “a máa wò ó”. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Onílé wálé ọdún, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, ló gun òkè wá kí wọn. Ó rí báàfù, ó béèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀, ó yà á lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà kápẹ́ńtà dé, ó pààrọ̀ páànù méjì àti ìṣó tí oòrùn ti gbẹ rọ́bà orí wọn, torí ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà wọlé. Pálọ̀ gbẹ. Ilé ìwẹ̀ ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ ké títí di ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe jẹ́ ọjọ́ 68. Láti ìgbà tí onílé ti mọ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. “Kò tún ilé ṣe rí” jẹ́ irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ̀ purọ́, ìbínú ló gbàgbé kápẹ́ńtà. Bó bá gbé e jáde bẹ́ẹ̀, lẹ́tà lọ́yà kan ṣoṣo àti risíìtì kápẹ́ńtà ti tó láti dá gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ nù. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù fún ayálégbé tó ń bọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ìyẹn ni pé ọwọ́ alámòójútó ni ọ̀rọ̀ ti ń kú.

Nípa àtúnṣe náà, kí ẹ tó kọ pé onílé kọ̀ láti tún nǹkan ṣe, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín. Bí ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan, òfin àtijọ́ tí kóòtù wa jogún kò di gbogbo àtúnṣe ru onílé bí ọ̀pọ̀ ayálégbé ṣe rò. Lọ́dọ̀ wa níbí, òrùlé, ògiri àti páìpù ńlá ni a sábà máa ń bi onílé. Gílóòbù, kọ́kọ́rọ́ àti rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ omi jẹ́ ti ayálégbé. Sókàwéè tó kún àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, àwọn ará ilé sábà máa ń dá owó rẹ̀ jọ ni, àfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Mo ti rí ẹni tó kọ “ìwà ìkà” nítorí ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Ìwà ìkà kọ́ nìyẹn.

Owó ilé náà lọ sókè, láti ₦250,000 sí ₦350,000 lọ́dún. Oníbàárà mi fẹ́ pè é ní ìrẹ́jẹ. Mo ní kó kọ iye méjèèjì, kó kọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n fi fóònù sọ fún un, kó tó wá sọ pé kò bójú mu lójú òun. Òfin fàyè gba èrò, bí èrò náà bá dúró lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí ẹ ti kọ ọ́ kí ẹni tó ń kà fúnra rẹ̀ lè dájọ́, tí kì í sì í ṣe ìkórìíra ló bí i. Ibi ọ̀rọ̀ ìkórìíra yìí ni mo ti béèrè bóyá òun náà jẹ gbèsè rí. Ó dákẹ́. Ó wá ní òun fi oṣù méjì pẹ́ san owó ọdún kejì. Mo ní kó kọ ìyẹn náà. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ ó kọ ọ́. Èyí ló jáde nígbẹ̀yìn:

“Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì. Òrùlé pálọ̀ jò ní oṣù Kẹrin 2025. Mo pe alámòójútó ní ọjọ́ 11, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, wọn kò ṣe nǹkan kan títí onílé fi wá láti Èkó tó sì rí i fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe. Pálọ̀ kò jò mọ́, ilé ìwẹ̀ ṣì ń kán. Owó ilé kúrò ní ₦250,000 bọ́ sí ₦350,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n sọ fún mi, lójú tèmi ó yá jù. Èmi náà fi oṣù méjì pẹ́ san owó ọdún kejì. Onílé ń ṣe nǹkan bí ọ̀rọ̀ bá dé etí rẹ̀, ìṣòro ni kó dé ibẹ̀. Gba nọ́ńbà òun gan-an kí o tó san owó.”

Kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Ó júwe ilé náà lọ́tọ̀, ó sì fi fọ́tò òrùlé sí i. Kò fi fọ́tò bàbá náà sí i, kò sọ ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀, kò sì gbé nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síta. Kí ẹ̀yin náà má ṣe gbé irú nǹkan wọ̀nyẹn síta.

Ohun méjì péré ló kù. Bí owó kọ́ṣọ̀n yín bá ṣì wà lọ́wọ́ onílé, ẹ má sọ fún un láé pé “bí o kò bá san án, màá kọ ọ́ síta”. Bí owó yín bá tilẹ̀ tọ́ sí yín, gbólóhùn yẹn lè jọ ìhalẹ̀ láti fi gba owó, ó sì lè ba ẹjọ́ tó dára jẹ́. Ẹ fi ìwé béèrè owó yín ní ọ̀nà tirẹ̀.

Bí wọ́n bá sì fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ mọ̀ pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú ènìyàn nítorí aáwọ̀ àdéhùn lásán. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ń mú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tan irú àwọn irọ́ kan kálẹ̀, nítorí náà ẹ má fi àsọdùn gba ibẹ̀ wọlé. N kò tíì rí ìwé àdéhùn yín, n kò sì lè sọ bí ẹjọ́ tiyín yóò ṣe rí. Bí lẹ́tà lọ́yà bá dé, ẹ má fi ìbínú dáhùn, ẹ gbé òun àti àdéhùn lọ bá lọ́yà tó wà nítòsí yín. Kí ẹ tó pààrọ̀ fóònù, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti alámòójútó ti bára yín sọ lórí Wọ́tsáàpù, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí wọn.