Ṣé kí n gbé máṣíìnì ìránṣọ wá sínú ilé tí mo yá?

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo yá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìpájà. Owó ṣọ́ọ̀bù ti wá ju agbára mi lọ, mo fẹ́ gbé máṣíìnì mi wálé. Ilé mẹ́rin la jọ ń lo mítà kan, a sì ń pín owó iná ní dọ́gbadọ́gba. Agírímẹ́ǹtì wa ní ilé náà wà fún gbígbé nìkan. Kétékà ní kí n máa ránṣọ mi lọ, pé Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kò ní bínú. Ṣé kí n kàn bẹ̀rẹ̀ ni? – Aránṣọ, Ìpájà*

Ọmọ mi, má tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, kétékà lè ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, agírímẹ́ǹtì tí o fọwọ́ sí ni wọn yóò mú jáde. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí agírímẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ṣe ohun tí ìwé yẹn kọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo fún onílé ní ẹ̀sùn tó máa gbé lọ sí kọ́ọ̀tù.

Lọ bá Bàbá fúnra wọn, nígbà tí o kò jẹ owó ilé. Kì í sábà jẹ́ aṣọ rírán ló ń ba àwọn onílé lẹ́rù. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ilé má di ṣọ́ọ̀bù: kí èrò máa wọlé wọ̀de, kí pátákó gorí géètì, kí àwọn ayálégbé yòókù sì máa wá fẹjọ́ iná sùn. Ọ̀rọ̀ iná yìí ló máa ń da ilé rú jù, nítorí náà ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Bí o bá ń lò ó fún wákàtí méjì lóòjọ́, fún ọjọ́ 24 lóṣù, yúníìtì 48 nìyẹn. Máṣíìnì kékeré tó ń lo wáàtì 100 fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́ yóò jẹ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. O rí i pé áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ iná jù, kì í ṣe máṣíìnì tí gbogbo ilé ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Fi iye tí yúníìtì kan jẹ́ lórí rìsíìtì iná yín sọ 60 yẹn di púpọ̀, kí o sì san án lọ́tọ̀ kí ẹ tó pín èyí tó kù. Èyí tó tún dára jù ni kí oníṣẹ́ iná fi mítà kékeré sí wáyà tó wọ ilé rẹ, kí ẹnikẹ́ni lè kà á fúnra rẹ̀.

Ariwo náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ máṣíìnì ńlá onítábìlì ni, mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ á máa kùn látìgbà tí o bá ti tan án, bí o kò tilẹ̀ tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní sáfò kì í dún àfi bí o bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, má sì gbé e sókè yàrá tí ẹni ìsàlẹ̀ ń sùn sí.

Mú lẹ́tà kékeré dání lọ bá Bàbá. Kọ ọ́ báyìí: “Máṣíìnì kan ni n ó lò, èmi nìkan ni n ó máa ránṣọ, n kò ní gba ọmọ iṣẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́ ni n ó máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi. Oníbàárà kan ṣoṣo ni yóò máa wá wọn aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tó bá ti pè mí. N kò ní gbé pátákó síta. N ó san iná tèmi lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí n dáwọ́ dúró, ẹ fún mi ní oṣù kan.” Ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń jẹ́ kí àgbà gbà, torí wọ́n á mọ̀ pé àwọn lè yí i padà. Bí o bá fojú fò ó, o ò ní mọ bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ ẹ lọ́la.

Bí wọ́n bá ní kí o san owó ilé bí ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o san án. Máṣíìnì kan kò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, máa gé aṣọ, kí o sì máa fọwọ́ sọ etí rẹ̀ nílé, kí o wá lọ rán an ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ kan tó lè gbà ọ́ láàyè ní owó ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá sì nílò ọmọ iṣẹ́ àti máṣíìnì kejì, ìlérí inú lẹ́tà náà ti tán nìyẹn. Kó o tó gbé e wọlé, padà lọ bá Bàbá.