Sílébù inú “comfortable”: ṣé mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?

“Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà mí o. Mo ka sílébù mẹ́rin nínú ‘comfortable’, wọ́n ní mẹ́ta ni. Mo ka ẹyọ kan nínú ‘castle’, wọ́n ní méjì ni. Níbo ni mo ti ń ṣì í kà?”

Etí ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe ojú. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo lẹ́tà tí ẹnu kì í pè kúrò, kí ẹ tó ka ìró fáwẹ̀lì tó bá ṣẹ́kù. Nínú “knife”, “k” àti “e” ìparí dákẹ́, ìró mẹ́ta péré ló kù: n, ai, f. “Ai” yẹn ló ń tan àwa Yorùbá jẹ. Náìfù tiwa, ná-ì-fù ni, sílébù mẹ́ta, torí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, a sì fi “ù” kún un kí kọ́ńsónáǹtì má baà parí ọ̀rọ̀. Lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan ni “ai”. Bí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ kà á, tí ẹ sì ń pè é bíi náìfù, àtẹ́wọ́ á pọ̀ jù.

“Castle” ló takókó. “T” rẹ̀ dákẹ́ bíi ti “whistle” àti “listen”: ibi èrìgì kan náà ni ahọ́n ti ń pe “s”, “t” àti “l”, ni wọ́n bá gbé “t” àárín mì. “E” náà dákẹ́. Fáwẹ̀lì kan ló kù, síbẹ̀ sílébù méjì ni, torí “l” ìparí dá dúró bíi sílébù. “Ń” inú pańla ń ṣe bẹ́ẹ̀: pa-ń-la. Ibí yìí ni ọgbọ́n fífi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ti ń kùnà, nítorí àgbọ̀n kì í sọ̀ kalẹ̀ fún “l”. Bí ìró “l” bá parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìró kọ́ńsónáǹtì, ẹ fi ẹyọ kan kún iye fáwẹ̀lì yín.

Ó wá ku “comfortable”. Lẹ́tà 11 ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pè é: /ˈkʌmftəbl/. Fáwẹ̀lì méjì, ʌ àti ə, pẹ̀lú “l” ìparí: mẹ́ta. Ẹlòmíràn tó rọra ń sọ̀rọ̀ á pè é ní /ˈkʌmfətəbl/, ó di mẹ́rin. Nítorí náà mẹ́rin yín kì í ṣe irọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe “k” inú “knife” mọ́, ṣùgbọ́n “or” yìí, àwọn kan ń pè é, àwọn kan ń gbé e mì. Bí ìdánwò bá kó 3 àti 4 sílẹ̀ pọ̀, ìbéèrè náà ni kò dáa. 3 ni èmi á mú. Èyí tó burú ni kí ẹ pe “table” inú rẹ̀ bí ẹni ń pe tábìlì onígi.

Ẹ má sì tẹ̀ lé àmì inú díkíṣọ́nárì, com·fort·able. Ibi tí a lè gé ọ̀rọ̀ sí ní ìparí ìlà ló ń fi hàn. Láàárín / / ni kí ẹ ti kà á.